Títí Ọ́pdéètì Yóò Fi Wọlé

Yàrá mẹ́ta ló wà nínú ilé tí mo gbé ní Ugbor lọ́dún tí ilé ìfowópamọ́ wa fún mi ní tíránsífà láti Ìbàdàn lọ sí Benin. Èmi nìkan ni mo sì wà nínú wọn. Mò ń sùn sí ọ̀kan, mo kó aṣọ sí èkejì, èmi ò sì mọ ohun tí mo fẹ́ fi ẹ̀kẹta ṣe. Mo kàn máa ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, mo gbá a, mo tún tì í padà. Tí mo bá wúkọ́ ní pálọ̀, ilé náà á gbà á, á gbé e lọ sí kíṣìnnì, á tún dá a padà fún mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni mí. Ẹnu mi ò kí í dákẹ́. Ní Ìbàdàn, ọkọ mi máa ń sọ pé tí òun bá ti gbọ́ kí ilé dákẹ́, òun á mọ̀ pé mo ti sùn tàbí mo ń bínú. Ṣùgbọ́n ní Benin, ta ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀? Ní ibi iṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ni fún ọ̀gá, Pidgin ni fún àwọn oníbàárà, tó bá sì di agogo márùn-ún kálukú á wá ọ̀nà ilé ẹ̀ lọ. Yorùbá mi di ti ọjọ́ Ìsinmi, ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará wa. Láàárín ọ̀sẹ̀, ìkòkò ọbẹ̀ ni mò ń bá sọ ọ́. Mo máa ń bi í pé ṣé iyọ̀ ẹ ti tó. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, àmọ́ òótọ́ ni.

Ọmọ kan ṣoṣo la bí, ọkùnrin. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà náà, òun àti bàbá ẹ̀ ló kù sí Ìbàdàn nítorí ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀. Ọkọ mi ń ṣe dókítà, kò sì kí í tètè wọlé. Mo máa ń pe ọmọ náà lójoojúmọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀.

“Ẹ kúùrọ̀lẹ́, mà.”

“Báwo ni ilé ìwé?”

“Fine.”

“Kí lo jẹ?”

“Oúnjẹ.”

“Oúnjẹ wo?”

“Oúnjẹ, mà. Ó dàárọ̀, mà.”

Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Kì í ṣe pé ó ń yájú, ẹ̀kọ́ wà lára ẹ̀ dáadáa. Ó kàn jẹ́ pé fóònù ò bá a lára mu. Èmi á gbé fóònù sílẹ̀, ọkàn mi á gbọgbẹ́, màá wá lọ jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n tí mi ò tàn.

Ìgbà tí mo lọ sílé fún ọdún Àjíǹde ni ojú mi tó là. Mo bá ọmọ yìí ní pálọ̀ níwájú ẹ̀rọ géèmù ẹ̀, ó fi ẹ́yáfóònù sétí, ó ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan tó wà l'Ékòó. Ọ̀rẹ́ náà wà nílé tiẹ̀, òun wà nílé tiwa, wọ́n sì jọ wà nínú pápá kan náà. Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu ọmọ mi bí omi ẹ̀rọ tí wọ́n gbàgbé láti tì. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ṣàlàyé, ó ń fi olùkọ́ kan ṣe yẹ̀yẹ́. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, mò ń jowú ọmọ ọlọ́mọ tí mi ò rí rí. Ṣé ọmọ tó ń dá mi lóhùn pé “oúnjẹ, mà” náà nìyí? Bí mo ṣe padà sí Benin, mo ra ẹ̀rọ kan náà, mo ra sídì bọ́ọ̀lù kan náà, mo ra módẹ́ẹ̀mù tí yóò máa fún un ní íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní báǹkì rò pé mo fẹ́ fi ta ẹnì kan lọ́rẹ ni.

Ọmọ mi ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbá a. Ìyà jẹ ẹ́ kó tó yé mi. Mo máa ń gbé bọ́ọ̀lù lọ sí ojú ilé ara mi, mo máa ń tẹ bọ́tìnnì pádì bí ẹni tó ń fún ewúro. Ó ń nà mí ní àmì ayò tí kò ṣeé kà síta. Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀sán Sátidé ni a jọ máa ń wà níbẹ̀, bí ọwọ́ ẹ̀ bá sì ti ń ṣiṣẹ́, ẹnu ẹ̀ á tú. Láàárín ìgbà tó bá ń gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ mi ni mo gbọ́ pé wọ́n ti mú un kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin, pé ó ní ọmọbìnrin kan tó ń jókòó níwájú ẹ̀ ní kíláàsì tí irun ẹ̀ ń dùn ún wò. Ọmọ yìí kò lè sọ irú ẹ̀ fún mi lójúkojú láéláé. Nítorí náà, mi ò kọ̀ kó nà mí ní ogún sí òdo.

Ní ìpàdé àdúrà ilé la ti dá wàhálà sílẹ̀. Ìjọ wa máa ń lọ láti ilé dé ilé ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, ó sì kan ilé mi. Wọ́n ní kí n sọ ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n bá mi gbàdúrà lé lórí. Mo ní ọmọ mi ni, kó má ṣe jìnnà sí mi, mo sì sọ nípa ẹ̀rọ náà, pé òun ni mo fi ń gbọ́ ohùn ẹ̀. Màmá kan wà láàárín wa, ọmọ Iléṣà, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, láti Ikpoba Hill ni wọ́n ti máa ń wá. Àwọn ni wọ́n máa ń gbé ìgò òróró àdúrà dání. Màmá ní kí n fi ẹ̀rọ náà han àwọn. Mo fà á síwájú, mo sún ìdérí orí ẹ̀ kí wọ́n rí ibi tí sídì ń jókòó sí. Wọ́n wò ó dáadáa.

“Èwo nìyẹn tó dà bí ojú yẹn?”

“Ojú tó fi ń ka sídì ni, mà.”

“Ó dáa. Lọ wo mọ́ínmọ́ín ẹ kó má jóná.”

Mo lọ. Ìgbà tí mo padà dé, ìdérí ti wà ní títì, wọ́n ti ń kọrin ọpẹ́. Mi ò ronú nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ Sátidé wa, mo fi sídì sí i. Ó yí díẹ̀, ó kùn, ó dákẹ́. Àwòrán sídì tó máa ń yọ lójú tẹlifíṣọ̀n kò yọ. Mo yọ ọ́, mo tún fi í sí i. Kò yọ. Mo pe ọmọ náà, mo sì ti ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ilé ẹ̀ ń jóná.

“Mọ́mì, ẹ fara balẹ̀. Ẹ yí ẹ̀yìn sídì yẹn sókè, sí iná. Ṣé nǹkan ti ha á?”

“Nǹkan kan ò ha á. Ó ń dán yinrin.”

“Ẹ fi aṣọ tó mọ́ tó sì rọ̀ nù ún, láti àárín lọ sí etí. Ẹ má yí ọwọ́ po lórí ẹ̀ o, ẹ má sì fi omi sí i.”

Mo ṣe é. Kò kà á.

“Ṣé ẹ ní sídì mìíràn? Fíìmù ńkọ́?”

Mo ní fíìmù kan tí ẹlẹgbẹ́ mi kan yá mi. Mo fi í sí i. Kò ka ìyẹn náà.

“Tó bá jẹ́ pé ọ̀kan ni kò kà ni, a máa sọ pé sídì yẹn ló bàjẹ́. Tí kò bá ti ka èyíkéyìí, a jẹ́ pé ẹ̀rọ ni. Bóyá ojú ẹ̀. Ẹ yọ wáyà iná ẹ̀, kẹ́ ẹ ṣí ìdérí, kẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i.”

Mo tan tọ́ọ̀ṣì. Ojú kékeré náà wà níbẹ̀, ó ń dán, ju bó ṣe yẹ lọ. Mo tẹ orí ba wò ó. Màmá ti fi àtàǹpàkò ya àgbélébùú òróró sí i lójú.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọmọ náà, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí mo fi gbọ́ pé ó ti gbé fóònù sílẹ̀ lórí àga. Inú ń bí mi, mo fẹ́ pe Màmá lójú ẹsẹ̀ kí n sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò ní lè kó padà, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọmọ yẹn mú inú mi rọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ lórí fóònù. Màmá ò sì ṣe é ní ibi. Wọ́n rò pé ojú tí ọmọ mi fi ń rí mi nìyẹn, wọ́n fẹ́ kó máa rí mi dáadáa.

“Ẹ má fi ìró yín nù ún o,” ọmọ náà wí nígbà tó padà sórí fóònù. “Ẹ má sì fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, itọ́ á bọ́ sí i. Ẹ ra òwú orí igi tí wọ́n fi ń nu etí, kẹ́ ẹ ra spíríìtì lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta oògùn. Kì í ṣe èyí tó ní àwọ̀ búlúù. Èyí tó mọ́ bí omi. Díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi tẹ orí òwú náà, kó má kán. Ẹ rọra yí i lórí ojú yẹn, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ó ń mì lórí ìrọ́bà ni. Kẹ́ ẹ wá jẹ́ kó gbẹ pátápátá kẹ́ ẹ tó tan án.”

Ó tó kí n lọ kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi gbà á. Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ni mo tó rí ilé oògùn tó ní irú spíríìtì bẹ́ẹ̀. Mo kí Màmá nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n bi mí pé báwo lọmọ, mo ní àdúrà ti ń gbà. Mo délé, mo fi òwú nu ojú ẹ̀rọ náà bí ẹni tó ń nu ojú ọmọ ìkókó. Òwú kìíní dọ̀tí, èkejì dọ̀tí, ẹ̀kẹta mọ́. Mo jẹ́ kó gbẹ, mo dúró, mo tún dúró, mo fi sídì sí i. Ó kà á. Mo jó kékeré ní pálọ̀ níbi tí ẹnì kankan ò ti rí mi.

Ayọ̀ náà ò pẹ́. Ẹ̀rọ náà ní ọ́pdéètì tuntun ti jáde fún bọ́ọ̀lù náà, àfi tí mo bá gbà á wọlé ni mo fi lè bá ẹlòmíràn gbá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ti ọmọ mi ti wọlé ní tiẹ̀, tèmi ò tíì wọlé, ẹ̀rọ méjèèjì ò sì ní gbà láti pàdé tí ọ́pdéètì wọn ò bá dọ́gba. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ń wọlé díẹ̀díẹ̀, ó ti kọjá ìdajì nígbà tí wọ́n mú iná lọ. Kí n tó tan jẹnẹrétọ̀, nǹkan ti bàjẹ́. Láti ìgbà náà, bí mo bá tún bẹ̀rẹ̀, ó máa ń dáńlóòdù dé òpin, tó bá kù kó fi ara ẹ̀ sínú ẹ̀rọ, á ní rárá, á wá kọ nọ́ḿbà gígùn kan síta, á ní àṣìṣe ti ṣẹlẹ̀.

Mo pe ọmọ náà. Ó ní òun máa pè mí padà lálẹ́ ọjọ́ kejì. Ó sì pè mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ohun tí mo sọ: ó pè mí. Ọmọ tí kò fi owó fóònù ẹ̀ pè mí rí láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, òun ló pè.

Ní ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè, ó ní ká kọ́kọ́ wo íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo pa módẹ́ẹ̀mù, mo tún tàn án, mo gbé e sún mọ́ ẹ̀rọ géèmù, mo tún dáńlóòdù. Ìlà kékeré yẹn ń rìn lójú tẹlifíṣọ̀n bí ìgbín, àwa méjèèjì sì wà lórí fóònù, a ń dúró dè é. Kò sí bọ́ọ̀lù kankan lẹ́sẹ̀ ẹnì kankan. Mo ní kí n má béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀, kó má di “fine, mà.” Ló bá bẹ̀rẹ̀ fúnra ẹ̀. Ó ní ìrẹsì ni òun jẹ, èyí tó ṣẹ́kù láti àná. Ó ní òun gbé e lọ síwájú tẹlifíṣọ̀n, torí tábìlì ìjẹun ti fẹ̀ jù.

Ọ́pdéètì náà ò wọlé.

Ní ìrọ̀lẹ́ Túsìdé, ó ní ká wo àyè inú ẹ̀rọ. Ó ṣàlàyé fún mi pé ẹ̀rọ náà ń fẹ́ àyè tó ju ìwọ̀n ọ́pdéètì fúnra ẹ̀ lọ, torí á kọ́kọ́ gbé e sílẹ̀ kó tó tú u palẹ̀. Àyè pọ̀ rẹpẹtẹ. A tún wo ọjọ́ àti aago ẹ̀rọ, bóyá iná tó lọ ti mú un padà sẹ́yìn. Ó pé pérépéré. A tún dáńlóòdù, a tún dúró. Ó sọ fún mi pé bàbá òun kì í dé títí òun á fi sùn, pé òun máa ń fi tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ ní títàn kí ilé lè ní ohùn èèyàn. Mo fẹ́ sọ pé ilé tèmi náà dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Dípò ìyẹn, mo ní kó máa rántí pa á tó bá fẹ́ sùn.

Ní Wẹ́sìdé, ó ní ká lọ síbi tí ẹ̀rọ náà ti ń tún ara ẹ̀ ṣe. Mo pa á, mo wá tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀, mi ò gbé ọwọ́ kúrò, ó dún lẹ́ẹ̀kan, mi ò gbé e, ó tún dún, ó kú. Mo tún bẹ̀rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dún lẹ́ẹ̀mejì kíákíá. Mo fi wáyà so pádì mọ́ ọn, torí níbẹ̀ kò kí í gbọ́ ti pádì aláìníwáyà. Ojú dúdú kan yọ pẹ̀lú oríṣiríṣi nǹkan tí mo lè mú.

“Mọ́mì, ẹ má tẹ èyí tó wà nísàlẹ̀ o. Gbogbo nǹkan tó wà nínú ẹ̀ ló máa pa rẹ́. Èyí tó ní kó tún àkójọ inú ẹ̀ tò ni kẹ́ ẹ mú.”

Mo mú èyí tó ní kí n mú. Nígbà tí ẹ̀rọ ń tún inú ẹ̀ tò, ọmọ mi bi mí bóyá òun ló jẹ́ kí n lọ sí Benin. Mo ní báwo? Ó ní òun gbọ́ ọjọ́ kan tí mo ń sọ fún bàbá òun pé owó ilé ìwé òun pọ̀, pé mi ò lè kọ tíránsífà. Mo ní rárá o. Mo sọ ọ́ ní ọ̀nà tó pọ̀. Mo sọ pé èmi ni mo bí i, pé iṣẹ́ ni iṣẹ́, pé bí kò tiẹ̀ sí ní ilé ìwé kankan, wọn ì bá ṣì gbé mi lọ. Ó ní “okay, mà.” Mi ò mọ̀ bóyá ó gbà mí gbọ́. Mo sunkún lẹ́yìn tí a pa fóònù, ẹkún tí kò ní ohùn.

Ọ́pdéètì náà ò wọlé síbẹ̀.

Sátidé ti ń sún mọ́lé, orí mi sì ti gbóná. Tí Sátidé bá kọjá láìsí géèmù, ẹ̀rù ń bà mí pé ọmọ náà á wá ẹlòmíràn bá gbá bọ́ọ̀lù, ìyẹn á sì di àṣà. Lọ́sàn-án Wẹ́sìdé kan náà, ẹlẹgbẹ́ mi kan ní báǹkì ti sọ pé òun mọ ẹnì kan tó ń tún ẹ̀rọ géèmù ṣe, pé “e go fit hold am like three weeks sha, but e sabi work.” Mo ní n óò gbé e lọ lọ́jọ́ Jímọ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọmọ mi lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà, ohùn ẹ̀ yí padà.

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ. Wọ́n á kàn tú u ni. Nǹkan ò ṣe ara ẹ̀. Àwọn nǹkan ṣì wà tá a lè gbìyànjú.”

“Bíi kí ni?”

“Wọ́n ṣì wà, mà. Ẹ má gbé e lọ.”

Mi ò tíì gbọ́ kó bẹ̀ mí báyìí láti ìgbà tó ti dàgbà. Ó yà mí lẹ́nu. Mo rò pé bọ́ọ̀lù náà ló ń dùn ún.

Lọ́sàn-án Tọ́sìdé, mo jáde síta báǹkì, mo dúró lábẹ́ igi kan, mo pe ọkọ mi ní ibi iṣẹ́ ẹ̀. Mo rò pé kàkà kí n gbé ẹ̀rọ náà fún ẹni tí mi ò mọ̀, ó sàn kí n gbé e wá sílé lọ́jọ́ kan kí ọmọ náà wò ó fúnra ẹ̀. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un, iná tó lọ, ọ́pdéètì tí kò wọlé, nọ́ḿbà gígùn.

“Ìyẹn?” ọkọ mi wí. “Ó ṣe tiwa náà lọ́jọ́ Ìsinmi kan lóṣù tó kọjá. Ìdajì tó ti wọlé kí iná tó lọ ló ń dí i lọ́nà. Ọmọ ẹ kàn pa dátà géèmù yẹn rẹ́ nínú ẹ̀rọ ni, kì í ṣe ibi tí àmì ayò wọn wà o, ìyẹn ò kàn án. Ó tún dáńlóòdù ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Kí n tó jẹun tán, ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù ẹ̀. Ṣé kò sọ fún ẹ ni?”

“Ó lè ti gbàgbé.”

“Kò lè gbàgbé. Òun ló ń bá àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ṣe é. Ohun tó kọ́kọ́ máa ń ní kí wọ́n ṣe nìyẹn.”

Mo ní ó dáa, mo ní kó má ṣiṣẹ́ jù, kó tètè máa wálé. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo dúró lábẹ́ igi náà títí wọ́n fi wá pè mí pé àwọn oníbàárà ti tò gùn.

Gbogbo ọ̀sán yẹn, mò ń ka owó, ọkàn mi ò sí níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, inú bí mi. Ọmọ kékeré fi mí ṣeré, mo wà lórí ilẹ̀ pálọ̀ ní ọjọ́ orí mi, mò ń tẹ bọ́tìnnì, mò ń fi ẹ̀mí sí i. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí n óò sọ fún un sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìrẹsì àná yẹn wá sí mi lọ́kàn, àti tẹlifíṣọ̀n tó ń fi sílẹ̀ ní títàn. Ìbínú náà kúrò lára mi bí aṣọ tó bọ́ láti orí okùn. Mo ti rò pé èmi nìkan ni mo ń dá wà. Mo ti jẹ́ kí ìdánìkanwà dà bí ohun ìní mi, bí ẹni pé ẹni tó wà nílé ò lè dá wà.

Mo délé. Mi ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà. Mo lè pa dátà yẹn rẹ́ fúnra mi, ó rọrùn, mo ti mọ ibi tó wà láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo jókòó síwájú ẹ̀, mo gbé fóònù sórí itan mi.

Ó pè.

“Ẹ kúùrọ̀lẹ́, mà. Ṣé ẹ ti gbé e lọ?”

“N kò gbé e lọ.”

Mo gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀.

“Ti òní, mo fẹ́ kẹ́ ẹ yọ wáyà ẹ̀ kúrò lára ògiri pátápátá. Kẹ́ ẹ jẹ́ kó sinmi fún wákàtí kan.”

“Odindi wákàtí kan?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Kó lè tutù dáadáa.”

Ẹ̀rọ tí mi ò tíì tàn láti àná. Ó tutù bí òkúta.

“Ó dáa,” mo wí. “Mo ti yọ ọ́. Kí la máa wá ṣe títí wákàtí náà á fi pé?”

“Ẹ lè máa bá mi sọ̀rọ̀.”

Mo bá a sọ̀rọ̀. Mo sọ nípa ilé náà fún un, yàrá tí mò ń gbá tí mi ò ń lò, bí mo ṣe ń bi ìkòkò léèrè iyọ̀. Mi ò tíì sọ irú ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó rẹ́rìn-ín ìkòkò, kò wá rẹ́rìn-ín yàrá. Mo sọ fún un pé tí ọkọ̀ bá ń gbé mi padà láti Ìbàdàn, tí mo bá ti rí Ekiadolor, inú mi á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, torí mo mọ̀ pé mo ti fẹ́ dé. Ó ní òun náà, tí mo bá ti ń di báàgì. Ó ní ìdí nìyẹn tí òun fi máa ń lọ wẹ̀ nígbà tí mo bá fẹ́ lọ, kí òun má baà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Èmi tí mo ti ń rò pé kò kàn án!

Wákàtí náà ti kọjá tipẹ́. Kò sọ pé kí n dá wáyà padà. Èmi náà ò béèrè.

“Mọ́mì,” ó wí níkẹyìn, ohùn ẹ̀ ti rẹlẹ̀. “Ó ku nǹkan kan ṣoṣo tá ò tíì ṣe.”

“Ẹn-ẹ́n.”

“Tá a bá ṣe é, mo rò pé ó máa wọlé.”

“Ṣé ó dá ẹ lójú?”

“Ó dá mi lójú, mà. Ṣé ká ṣe é?”

Mo wo ẹ̀rọ náà níbi tó wà, wáyà ẹ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún un pé mo ti mọ̀, pé kó máa pè mí bí nǹkan kankan ò tiẹ̀ bàjẹ́. Mi ò rí i sọ. Ẹ̀rù bà mí pé tí mo bá sọ ọ́, ojú á tì í, á padà di “oúnjẹ, mà.”

“Rárá,” mo wí. “Ó ti rẹ̀ mí lónìí. Jẹ́ kó di ọ̀la.”

“Ọ̀la, mà?”

“Ọ̀la. Ṣé o máa pè?”

“Mo máa pè, mà,” ó wí. Kò sì pa fóònù.